Ìyá Sífíì Kan, Ẹ̀dà Púpọ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ àti Bí A Ṣe Ń Gé E fún Iṣẹ́ Kọ̀ọ̀kan

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́ ló ní sífíì kan ṣoṣo tó ń fi ránṣẹ́ síbi gbogbo. Àwọn mìíràn ní mẹ́wàá, kò sì sí èyí tó bá ìkejì rẹ̀ mu. Ẹni àkọ́kọ́ á fi ìwé tó kọ nítorí iṣẹ́ olùkọ́ wá iṣẹ́ ní báǹkì, ẹni tó ń ka ìwé náà kò sì ní rí ohun tó ń wá nínú rẹ̀. Ẹni kejì á jókòó ní alẹ́ ọjọ́ tí ìkéde máa parí, á ṣí sífíì tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, á pa ibì kan rẹ́, á sì fi òmíràn sí i. Kó tó di oṣù mẹ́ta, ìwé kan á ti sọ pé oṣù kẹta ló fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, èkejì á sọ pé oṣù karùn-ún ni, iṣẹ́ tó dáa jù lọ tó ti ṣe rí á sì ti há sínú ẹ̀dà kan tí kò rántí ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí.

Ohun tó ń tán ìṣòro méjèèjì ni kí ẹ ní ìyá sífíì, ìyẹn ìwé gígùn kan tí gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, tí ẹ kì í sì í fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ ni ẹ ti máa ń gé ẹ̀dà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo ló gbé ètò yìí ró: ọ̀rọ̀ máa ń ti inú ìyá lọ sínú ẹ̀dà ni, kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dà. Bí ẹ bá rántí ohun tuntun nígbà tí ẹ ń gé ẹ̀dà, inú ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú un lọ sínú ẹ̀dà.

Màá fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin ni. Ó gba ìwé ẹ̀rí gíga nínú ìṣirò owó ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣe, ó fi ọdún àgùnbánirọ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò, ó sì wá ṣe alábòójútó sítọ́ò fún ọdún mẹ́rin ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ méjì ló ń wò báyìí: ọ̀kan jẹ́ àbójútó ẹrù ní àjọ kan tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn, èkejì sì jẹ́ akọ̀wé owó ní báǹkì kékeré tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó. Àpẹẹrẹ lásán ni, mo kàn fi nọ́ńbà sí i kí ẹ lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni. Yorùbá ni màá fi kọ àwọn ìlà rẹ̀; èdè tí wọ́n bá fi kọ ìkéde ni kí ẹ fi kọ tiyín.

## Ohun tí ẹ máa nílò

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sójú kan:

- ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀;
- ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga àti ìwé tí ẹ fi kúrò níbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan;
- gbogbo sífíì àtijọ́ tí ẹ bá lè rí, títí kan èyí tó wà nínú ímeèlì tí ẹ ti fi ránṣẹ́;
- ìkéde iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fẹ́ràn ní tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ wọn ti kọjá;
- Google Docs tàbí Word, lórí kọ̀ǹpútà bó bá ṣeé ṣe. Ẹ lè fi fóònù kọ ìyá sífíì, ṣùgbọ́n ẹ wá kọ̀ǹpútà fún gígé ẹ̀dà, torí ojú fóònù kò fi bí ojú ìwé ṣe rí gan-an hàn yín.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ipò láti ara ìwé

Ẹ ṣí ìwé tuntun, kí ẹ sì kọ ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ni kó ṣáájú. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́, ìlú tó wà, orúkọ ipò yín, oṣù àti ọdún tí ẹ wọlé, oṣù àti ọdún tí ẹ jáde. Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé ìrántí. Ẹ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá gbé yín ga láàárín ọdún mẹ́rin, ipò méjì ni kí ẹ kọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà níhìn-ín ni orúkọ ipò. Bí ìwé bá pè yín ní alábòójútó sítọ́ò, ẹ má ṣe sọ ara yín di ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ẹrù, nítorí iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà yín lè kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ èyí tí ẹ ti kúrò, orúkọ ipò àti ọjọ́ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè. Bí orúkọ ipò náà kò bá yé ará ìta, ẹ lè fi gbólóhùn kúkúrú kan ṣàlàyé iṣẹ́ náà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí orúkọ fúnra rẹ̀ dúró bó ṣe wà.

Ti orúkọ yín náà ńkọ́? Bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí ni kó wà lórí sífíì. Mo fẹ́ràn kí orúkọ Yorùbá ní gbogbo àmì rẹ̀, mo sì máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí àyè bá wà. Ṣùgbọ́n kò sí àmì lórí orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa nínú ìwé ẹ̀rí, àwọn ẹ̀rọ kan tó ń ka sífíì fún iléeṣẹ́ sì máa ń sọ lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ di àpótí òfìfo. Ẹni tó bá fi orúkọ wá yín nínú àkójọ kò ní rí yín.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka tọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín pé ìwé wo ló jẹ́rìí sí i. Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kí ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó gé ẹ̀dà kankan.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe, ní ìlà kọ̀ọ̀kan

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú gbogbo ètò yìí nìyí, ó sì lè gbà yín ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ń yọ wákàtí kan sílẹ̀ fún un. Lábẹ́ ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun gbogbo tí ẹ ṣe níbẹ̀, ì báà kéré, ì báà tóbi. Ẹ má tíì ṣe àṣàyàn. Bí ìyá sífíì bá di ojú ìwé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kò burú rárá, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni mo ṣe? Kí ni mo ṣe é sí? Báwo ló ṣe pọ̀ tó, tàbí báwo ló ṣe ń wáyé léraléra tó? Kí ló yí padà nítorí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà àkọ́kọ́ tí obìnrin wa kọ: «Mo ń bójú tó sítọ́ò.» Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ò lọ́wọ́ ló lè sọ bẹ́ẹ̀. A bi í pé irú sítọ́ò wo ni. Ó ní ti ohun èlò ni, ìyẹn ṣúgà, àdùn, ìgò, ọmọrí àti bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò. Oríṣi ẹrù mélòó? Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó rí 340. Kí lo ń fi wọ́n ṣe? Mo máa ń kà wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo sì máa ń fi iye tó wà nílẹ̀ wé iye tó wà nínú ìwé. Kí ló yí padà? Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ àti ìwé jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó ti di ìdá 2. Ìlà náà wá di èyí:

«Mo ń ka oríṣi ẹrù 340 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú sítọ́ò ohun èlò, láàárín oṣù mẹ́jọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹrù tó wà nílẹ̀ àti èyí tó wà nínú ìwé dín kù láti ìdá 6 sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún.»

Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀rí tí ojú òun nìkan máa rí: «Ẹ̀rí: ìwé kíkà ẹrù, oṣù kẹrin sí oṣù kọkànlá, 2022.» Ẹ má ṣe fojú kéré ìlà ẹ̀rí yìí. Òun ni ẹ máa kà ní alẹ́ tó ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nígbà tí ẹ kò bá rántí bí ẹ ṣe rí nọ́ńbà náà mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ ìlà náà ní ọ̀nà kejì. Ìtàn kan náà ni, àmọ́ ojú akọ̀wé owó ló fi wò ó báyìí:

«Mo ń fi ìwé ẹrù bá ìwé owó dọ́gba ní ìparí oṣù, mo sì ń tọ pinpin ibi tí ìyàtọ̀ ti wá kí wọ́n tó ti ìwé oṣù náà.»

Ìlà méjì tó wà lábẹ́ ìtàn kan ni ohun tó máa ń mú kí gígé ẹ̀dà yá níkẹyìn, nítorí kò ní pọn dandan kí ẹ tún ọ̀rọ̀ tò lóru. Ṣùgbọ́n ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí kò bá tíì bá ìwé owó ṣe rí, kò gbọdọ̀ kọ ìlà kejì, bó ti wù kí báǹkì náà wù ú tó.

Nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀, àwọn kan nítorí pé wọ́n rò pé iṣẹ́ àwọn kò ní nọ́ńbà, àwọn kan sì nítorí pé wọ́n ń dá a sílẹ̀ látinú orí. Fún àwọn àkọ́kọ́, kò sí iṣẹ́ tí kò ní iye. Olùkọ́ mọ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì rẹ̀ àti iye kíláàsì tó ń kọ́ lọ́sẹ̀. Akọ̀wé mọ iye lẹ́tà tó ń gbà wọlé lójúmọ́. Bí ẹ kò bá mọ iye gan-an, ẹ kọ «tó lé ní» kí ẹ sì mú iye tó kéré jù tó dá yín lójú. Fún àwọn kejì, ìlànà mi kò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ńbà tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe rí i fún àjèjì láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bákan náà, ẹ má ṣe kọ iye owó tàbí orúkọ oníbàárà tí iléeṣẹ́ yín kà sí àṣírí. Ẹ lo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún dípò owó, kí ẹ má sì kó ìwé iléeṣẹ́ lọ sílé nítorí ẹ̀rí. Kí ẹ kọ orúkọ ìwé náà àti ọjọ́ rẹ̀ ti tó.

Àyẹ̀wò: ẹ fún ẹnì kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ yín ní ìlà márùn-ún kà. Bó bá lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tí ẹ ṣe, ìlà náà ti dára. Bó bá dákẹ́ tàbí tó béèrè pé «kí nìyẹn túmọ̀ sí», ẹ padà sí ìbéèrè mẹ́rin.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi àmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan

Ìwé ojú mẹ́wàá kò wúlò bí ẹ kò bá lè tètè rí ohun tí ẹ ń wá nínú rẹ̀. Ẹ mú àmì márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ máa kọ ọ́ sí ìparí ìlà, kí nọ́ńbà tẹ̀ lé e láti fi sọ bí ìlà náà ṣe lágbára tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. 3 ni ìlà tó ní iye àti ẹ̀rí. 2 ni èyí tó ṣe kedere ṣùgbọ́n tí kò ní iye. 1 ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí gbogbo ẹni tó wà ní ipò náà ń ṣe. Ti obìnrin wa rí báyìí:

```
#eru   #owo   #eniyan   #komputa   #ikoni
```

Ẹ kọ àmì náà láìfi àmì ohùn sí i, kó lè rọrùn láti tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá a pẹ̀lú `Ctrl+F`. Ìlà kan lè ní ju ẹyọ kan lọ. Ìlà kíkà ẹrù tó wà lókè gba `#eru3`. Ìlà tó fi ìwé ẹrù bá ìwé owó dọ́gba gba `#owo2` àti `#eru2`, nítorí kò tíì ní iye. Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀, ó padà lọ wá iye náà: oṣù 26 ni wọ́n ti ìwé tí òun fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́ sí i, àmì náà sì di `#owo3`.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àmì pọ̀ ju mẹ́jọ lọ. Ẹni tó bá ní ogún àmì máa ń lo àkókò rẹ̀ lórí àríyànjiyàn ibi tí ìlà kan yẹ kó wà, kò sì ní gé ẹ̀dà kankan.

Àyẹ̀wò: ẹ wá `#owo3`, lẹ́yìn náà `#eru3`, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Irú iṣẹ́ tí kò bá ní tó ìlà mẹ́ta tó gba 3, ẹ kò tíì ṣetán láti wá a. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ wò bóyá ẹ ti gbàgbé nǹkan.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka ìkéde pẹ̀lú bírò lọ́wọ́

Ẹ tẹ ìkéde náà jáde tàbí kí ẹ dà á sínú ìwé òfìfo. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n sọ pé ó pọn dandan, ẹ fi àmì róbótó yí ohun tí wọ́n ní àwọn máa fẹ́ bó bá wà, kí ẹ sì fojú fo àwọn ọ̀rọ̀ bíi «aláápọn» àti «ẹni tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìdààmú», torí gbogbo ìkéde ló ní wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ohun tó ń dun agbanisíṣẹ́ ló máa ń tún sọ.

Nínú ìkéde àjọ oògùn, ohun mẹ́rin ló pọn dandan: ọdún mẹ́ta lẹ́nu àbójútó ẹrù, mímọ bí a ṣe ń kó ẹrù tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé jáde ṣáájú, lílo Excel, àti kíkọ ìròyìn oṣooṣù. Wọ́n tún fẹ́ ẹni tó ti bá oògùn ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Obìnrin wa kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí apá òsì bébà, ó sì kọ ìlà tó dáhùn ún sí apá ọ̀tún. Ọdún mẹ́rin rẹ̀ dáhùn ìkíní. Excel àti ìròyìn wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìparí ẹrù, kò rí nǹkan kan nínú ìyá sífíì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Àdùn tí wọ́n ń fi sí ohun mímu ní ọjọ́ ìparí, òun ló sì ń lẹ ọjọ́ náà mọ́ ara páálí, tó ń to èyí tó máa kọ́kọ́ pé síwájú, tó sì ń sọ fún ẹ̀ka tó ń ra ẹrù bí ọjọ́ bá ku oṣù méjì. Ìdí tí kò fi kọ ọ́ ni pé gbogbo ẹni tó wà ní sítọ́ò náà ló ń ṣe é, kò sì kà á sí nǹkan. Mo ti rí irú èyí lọ́pọ̀ ìgbà débi pé mo máa ń rọ gbogbo ẹni tó bá gbé sífíì wá bá mi pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń ṣe láìronú sórí bébà kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n fi ń yangàn síbẹ̀.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Kò kọ ìlà náà sínú ẹ̀dà. Ó padà sínú ìyá sífíì, ó kọ ọ́ sábẹ́ ibi iṣẹ́ tó tọ́, ó fi iye àti ẹ̀rí sí i, ó fi `#eru3` sí i. Ní oṣù tó ń bọ̀, bí ilé oúnjẹ tàbí ilé oògùn mìíràn bá kéde iṣẹ́, ìlà náà ti wà nílẹ̀.

Ní ti bíbá oògùn ṣiṣẹ́, kò ní in, kò sì wá ọgbọ́n sí i. Àlàfo tó jẹ́ òótọ́ ni, ẹ̀ka «wọ́n fẹ́» ló sì wà.

Àyẹ̀wò: gbogbo ohun tó pọn dandan gbọ́dọ̀ ní ìlà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí méjì nínú mẹ́rin bá ṣófo, ẹ fi ìkéde náà sílẹ̀, kí ẹ lo wákàtí yẹn fún òmíràn.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gé ẹ̀dà

Ẹ dà ìyá sífíì kọ ná. Nínú Google Docs, `File > Make a copy` ni. Nínú Word, `File > Save As`. Ẹ yí orúkọ ẹ̀dà náà padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ibi tí jàǹbá ti máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹni tó bá gbàgbé á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìlà rẹ́ nínú ìyá fúnra rẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ nínú Google Docs, ẹ lọ sí `File > Version history` kí ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀ lé ètò yìí láìyí i padà:

1. Ẹ pa rẹ́. Gbogbo ìlà tí kò ní àmì irú iṣẹ́ náà ni kó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àwọn tó gba 1, títí tó fi máa ku ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà fún iṣẹ́ tó kẹ́yìn àti méjì tàbí mẹ́ta fún èyí tó ṣáájú rẹ̀.
2. Ẹ tò. Ìlà tó dáhùn ohun tó pọn dandan jù ni kó ṣáájú lábẹ́ ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà níbi tó yẹ nìkan. Bí ìkéde bá pè é ní «kíkà ẹrù» tí ẹ̀yin sì pè é ní «àyẹ̀wò ẹrù», ẹ lo ti ìkéde, bó bá jẹ́ ohun kan náà.
4. Ẹ kọ gbólóhùn ìṣáájú, méjì tàbí mẹ́ta péré, níkẹyìn pátápátá.

Àwọn ènìyàn máa ń kọ gbólóhùn ìṣáájú ní àkọ́kọ́, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń dà bí ti gbogbo ayé. Bí ẹ bá ti gé ẹ̀dà tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ti àjọ oògùn rí báyìí: «Alábòójútó sítọ́ò tó ti lo ọdún mẹ́rin pẹ̀lú oríṣi ẹrù 340, tó ń to ẹrù ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ ìparí wọn, tó sì dín ìyàtọ̀ inú ìwé kù sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún.» Ti báǹkì ni: «Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí gíga nínú ìṣirò owó, tó sì ti fọwọ́ sí ìwé ìparí oṣù 26, tó ń fi ìwé ẹrù bá ìwé owó dọ́gba.» Nínú ẹ̀dà ti báǹkì, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gòkè, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìparí ẹrù sì kúrò pátápátá. Orúkọ ipò àti ọjọ́ kò yí padà nínú ẹ̀dà kankan. Iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò wà nínú méjèèjì ní ìlà kan ṣoṣo, kí àlàfo má bàa wà láàárín ọdún.

Ojú ìwé méjì ni kí ẹ fojú sùn. Fún iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń mú un wá sí ojú ìwé kan.

Ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni náà jẹ́ ohun tí à ń gé. Ní Nàìjíríà, a ti mọ́ra kí á máa kọ ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ẹ̀sìn àti bóyá a ti ṣègbéyàwó. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú ìyá, kí ẹ mú èyí tí ìkéde bá béèrè nìkan jáde. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà ni ẹ ń kọ̀wé sí, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ àti fọ́tò pẹ̀lú. Òfin ìdọ́gba ọdún 2010 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti fi ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí ìgbéyàwó ṣojúsàájú, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà níwájú òun.

Àyẹ̀wò: ẹ fi `Ctrl+F` wá `#` nínú ẹ̀dà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà «Ẹ̀rí:». Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wá sí òfo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bo gbogbo ìwé náà mọ́lẹ̀ àyàfi ìdajì òkè ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí ẹni tó bá ka ibẹ̀ nìkan kò bá lè sọ iṣẹ́ tí ẹ ń wá, ẹ padà sí nọ́ńbà 2.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dán an wò kó tó lọ

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ló ń lo ẹ̀rọ tó ń yọ ọ̀rọ̀ inú sífíì sínú àkójọ kí ènìyàn tó rí i. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹwà kò kàn án. Ẹ fi ìwé náà pamọ́ bíi PDF, ẹ ṣí i, ẹ tẹ `Ctrl+A` àti `Ctrl+C`, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad.

Ẹ wá ka ohun tó jáde. Bí sífíì yín bá pín sí ọ̀wọ́n méjì, bí àwọn àwòṣe aláràbarà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ìlà iṣẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ ìlà ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá fi irawọ̀ tàbí ìlà gígùn sọ bí ẹ ṣe mọ Excel tó, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ohunkóhun níbẹ̀. Bí lẹ́tà kò bá jáde rárá, àwòrán ni ìwé yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohun tó ń tún gbogbo èyí ṣe ni ọ̀wọ́n kan ṣoṣo, láìsí tébù, láìsí àpótí. Nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì yín náà, ẹ kọ ọ́ sínú ojú ìwé gan-an, kì í ṣe sí ibi àkọlé òkè tí Word ń pè ní Header, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan kì í ka ibẹ̀.

Orúkọ fáìlì tó ń lọ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti iṣẹ́ tí ẹ ń wá:

```
OrukoYin_AbojutoEru.pdf
```

Ẹ má ṣe jẹ́ kí `CV_final_final2.pdf` jáde lọ́wọ́ yín.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ sì ṣí i lórí fóònù. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe nọ́ńbà tó wà lórí sífíì náà. Bí fóònù yín kò bá dún, ẹ mọ ohun tó kàn.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ohun tó lọ síbi tó lọ

Ẹ ní ìwé kékeré kan tàbí ojú ìwé Excel kan tí ẹ máa kọ ọjọ́, orúkọ iléeṣẹ́, orúkọ fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ àti ìgbà tí ìkéde parí sí. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìkéde náà fúnra rẹ̀ sínú fódà kan náà, nítorí wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ọjọ́ bá pé, bẹ́ẹ̀ ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pè yín. Bí wọ́n bá pè, ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ gan-an ni kí ẹ kà, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sínú ìyá láti ka ẹ̀rí tó wà lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìyá sífíì fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe nínú oṣù náà sí i nígbà tí iye rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn yín.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí ẹ̀dà méjì tí ẹ ti fi ránṣẹ́, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, kí ẹ fi ọjọ́ wé ọjọ́ àti orúkọ ipò wé orúkọ ipò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìlà kan nínú àwọn ẹ̀dà náà tí kò sí nínú ìyá. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ dà á padà sínú ìyá lónìí, pẹ̀lú ẹ̀rí àti àmì rẹ̀.